Ohun Tí Nedda Kọ Sẹ́yìn Àwòrán

Ní àdúgbò San Frediano ní Firenze, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé inú Nedda Cappugi kì í pẹ́ ru. Bí búrẹ́dì bá jóná díẹ̀ létí, alábúrẹ́dì á gbọ́ ọ. Bí ẹnìkan bá gbé kẹ̀kẹ́ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àárín títì ni olúwarẹ̀ á ti bá a. Ṣùgbọ́n ìbínú ojoojúmọ́ nìyẹn, kì í dé ọ̀sán tó fi ń tán. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi bá a sùn, tó bá a jí, tó bá a jókòó ti kọfí àárọ̀.

Ìwé pélébé kan ló fà á. Ojú ewé méjì ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, òǹtẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mọ́dà Tarcisia, olórí àwọn sísítà Kátólíìkì tó ń gbé ní Poggio Sant'Orsola, ló fi ránṣẹ́ sí i. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sókè ìwé náà pé, "Nedda ọmọ mi, orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín wà lẹ́yìn àwòrán wa. Mo ní kí o rí ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀." Ẹni tó kọ ìwé gan-an ni Dọ́kítà Lamberto Quercioli, ọkùnrin kan tí ilé gbàǹjo máa ń rán kiri láti lọ wo ẹrù ilé tó bá fẹ́ tì. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o. Ní Firenze, ẹni tó bá ti jáde yunifásítì, dókítà ni.

Àwòrán tí wọ́n ń wí yìí, Ánà Mímọ́ ló wà nínú rẹ̀, tó ń kọ́ Màríà ọmọ rẹ̀ ní ìwé kíkà. Yàrá ìjẹun àwọn sísítà ló ti ń gbé láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ní ọdún yẹn, tíṣà kan ní ìlú náà rí lẹ́tà àtijọ́ tí Sísítà Dianora, ẹni tó gbé ilé yẹn tó sì kú síbẹ̀ ní ọdún 1652, kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ń ya Ánà Mímọ́ kan fún ibi tí àwọn ti ń jẹun. Inú ìgbìmọ̀ ìlú dùn. Wọ́n ní bí àwòrán yìí bá jẹ́ ti Dianora, àwọn á gbé e sí gbọ̀ngàn ìlú, àwọn á sì fi orúkọ obìnrin náà pe gbọ̀ngàn. Bí kò bá jẹ́ tirẹ̀, wọn kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Sísítà mẹ́rin péré ló sì kù, ilé náà ń tì ní ìparí oṣù. Ọjọ́ Ẹtì ni oníṣòwò ẹrù àlòkù ń bọ̀ wá kó àga, tábìlì, ìkòkò àti ohun gbogbo tí kò níye lórí. Àwòrán tí kò bá ní orúkọ á bá àga lọ.

Ohun tí Quercioli wá kọ nìyí. Ó ní aṣọ ẹ̀yìn àwòrán náà jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ hun, òwú rẹ̀ dọ́gba láti etí dé etí. Ó ní igi tí wọ́n fi na aṣọ náà, ayùn ẹ̀rọ ló là á, àmì ayùn róbótó sì hàn lára rẹ̀. Ó ní àwọn igi pélébé tí wọ́n ń há sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti fi mú aṣọ le tún wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ní ayé Dianora igi tí wọ́n kan ìṣó mọ́ ara wọn gbọn-in ni wọ́n ń lò. Ó ní òun tan iná aláwọ̀ àlùkò sí fáníìṣì rẹ̀, kò tàn yòò bíi ti fáníìṣì oje igi tó ti gbó. Ó ní gbogbo bí ọ̀dà rẹ̀ ṣe sán yẹn, ẹni tó bá ki àwòrán tuntun bọ inú ààrò lè rí irú rẹ̀. Paríparí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé ọdún 1672 ni wọ́n yà á, nígbà tí Dianora ti lo ogún ọdún nínú ilẹ̀. Ó fi òǹtẹ̀ lù ú pé iṣẹ́ àfarawé ni, pé kò lè ju àádọ́jọ ọdún lọ.

Nedda kà á tán, ó fi ìwé náà gbá tábìlì.

"Aṣọ mi ni ọkùnrin yìí ń wò," ló wí. Kò sí ẹlòmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù, àfi ìkòkò gọ́ọ̀mù tó wà lórí iná.

Òótọ́ ni. Ní ọdún 1979, Nedda jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Bàbá rẹ̀ ń sá awọ, àwọn arákùnrin rẹ̀ ń sá awọ, òun nìkan ló sọ pé òórùn yẹn kò ní pa òun. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà, tó jẹ́ ti Ọ̀gá Egisto nígbà náà, ẹni tó ń tún àwòrán ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo ọmọṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìdí ìkòkò. Ìyẹ̀fun, gọ́ọ̀mù egungun, omi àti oje igi díẹ̀ ni wọ́n máa ń rò pọ̀ títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Òun ni wọ́n fi ń lẹ aṣọ ọ̀gbọ̀ tuntun mọ́ ẹ̀yìn àwòrán tí aṣọ rẹ̀ ti ń ra, wọ́n á sì fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ kó lè mú. Aṣọ ìtìlẹ́yìn nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣe é tán, ẹni tó bá yí àwòrán padà kò ní rí aṣọ àtijọ́ mọ́, tuntun ni yóò máa rí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Ánà Mímọ́. Igi àtijọ́ rẹ̀ ti jẹrà pátápátá, wọ́n sọ ọ́ sínú iná, Alvaro káfíńtà sì gé tuntun. Nedda fúnra rẹ̀ ló kun fáníìṣì ilé iṣẹ́ tuntun sí i lójú. Ní ti etí rẹ̀, ibi tí èèyàn ì bá ti rí aṣọ méjèèjì tó lé orí ara wọn, ìwé aláwọ̀ búráùn ni wọ́n lẹ̀ bò ó yíká kó má baà fà ya.

Ọkùnrin yìí kò tú ìwé yẹn. Ó rí aṣọ tuntun lára arúgbó, ó pe arúgbó ní ọmọdé. Irú ìwọ̀nyí ló ń jayé, ẹni tó bá ti lè kọ ojú ewé méjì tí kò ní àṣìṣe gírámà.

Ó gba ṣọ́ọ̀bù Alvaro lọ. Alvaro ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wa ọkọ̀ rẹ̀, ó ṣì ń fi àwàdà bí èèyàn nínú.

"Wọ́n ní igi rẹ jẹ́ ti àádọ́jọ ọdún," Nedda wí fún un.

"Igi mi? Èyí tí mo gé nígbà tí mo ní irun lórí?" Alvaro gba ìwé náà, ó gbé e jìnnà sí ojú. "Wọ́n ti ṣe mí lóore. Màá lọ gba owó ìfẹ̀yìntì ẹlẹ́ẹ̀kejì."

"Mo ń bínú, ò ń ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ta ló ní kí o má bínú? Ìwọ tí o bá òjò jà lóṣù tó kọjá. Ọjọ́ wo la ń lọ?"

"Ọjọ́ Ẹtì. Ọkùnrin náà máa wà níbẹ̀ láti fi ẹrù lé oníṣòwò lọ́wọ́."

"Má gbàgbé abẹ rẹ. Mi ò sọ pé kí o gún un o."

Ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, wọ́n gun òkè dé Poggio Sant'Orsola. Ọkọ̀ ńlá oníṣòwò ti dúró sẹ́nu géètì, àwọn ọkùnrin méjì ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù jáde. Mọ́dà Tarcisia jókòó sí yàrá ìjẹun lórí àga kan ṣoṣo tí wọn kò tíì kó. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, kékeré báyìí ni, kì í sì í gbé ohùn sókè. Dọ́kítà Quercioli dúró tì í pẹ̀lú bàtà tó ń dán. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó mọ àga àti kọ́bọ́ọ̀dù dáadáa, ohun tó ń bẹ lára ògiri ni kò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màdáàmù," ló wí. "Mo gbọ́ pé ẹ ní àríwísí."

"Mo ní ìbínú ni," Nedda dá a lóhùn. "Ẹ bá mi gbé e sórí tábìlì."

Wọ́n gbé àwòrán náà kalẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ dé orí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Nedda mú kànrìnkàn tútù, ó fi rin ìwé búráùn etí náà, ó dúró díẹ̀, ó sì bó o bí ẹni bó èèpo ọsàn. Ó mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá jáde, ó sì nà án sí Quercioli.

"Ẹ wo etí rẹ̀. Aṣọ mélòó ni?"

Quercioli bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. Ó pẹ́ kó tó nàró. "Méjì."

"Méjì. Èyí òde, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ ní 1979. Ẹ wo òwú èyí inú. Ibì kan nípọn, ibì kan tín-ín-rín, ibì kan ní kókó. Ẹ̀rọ wo ló ń hun irú rẹ̀? Ẹ wo ihò tó wà létí rẹ̀ pẹ̀lú ìpẹtà. Orí ìṣó alágbẹ̀dẹ ló fi ìpẹtà onígun bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kò sí méjì tó dọ́gba. Igi tí ẹ sì kọ ìwé lé lórí, bàbá tó gé e ló dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn."

Alvaro ṣí fìlà fún un.

Wọ́n yí ojú rẹ̀ sókè. Nedda ti fèrèsé, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó sì fi í lélẹ̀ létí àwòrán kí ìmọ́lẹ̀ lè máa rá lójú ọ̀dà. Gbogbo ojú Ánà Mímọ́ yọ bí ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ tí oòrùn ti gbẹ, àwọ̀n ìlà tóóró tóóró tó ń tẹ̀lé bí òwú ṣe lọ. Nínú àwọn ìlà yẹn, méjì gùn ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n dábùú àárín àwòrán láti ọ̀tún dé òsì, wọ́n jìnnà sí ara wọn ní ìbú àtẹ́lẹwọ́. Láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀dà náà kò sán tó bẹ́ẹ̀.

"Igi Alvaro ní ọ̀pá kan láàárín," Nedda wí. "Báwo ló ṣe dúró?"

"Lóòró," Quercioli wí.

"Ìlà yìí ńkọ́?"

Nedda fi ìka tọ ọ̀nà ìlà náà láìfọwọ́ kàn án. "Ó dábùú. Igi mìíràn ló wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí ti Alvaro tó dé, èyí tí ọ̀pá rẹ̀ dábùú. Ibi tí igi ti bo aṣọ lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ kò jẹ ẹ́ bíi ti yòókù, ọ̀dà kò sì sán tó ti yòókù. Etí igi ló ti sán jù. Ààrò wo ló mọ ibi tí igi wà? Ohun tí wọ́n bá ki bọ ààrò, ibi gbogbo ló máa ń sán. Kí o tó kọ ààrò sínú ìwé, kí ló dé tí o kò wo ojú rẹ̀?"

Ó ti gbàgbé "ẹ", ó ti ń pè é ní "o". Ojú Quercioli pọ́n, ṣùgbọ́n ó mú iná aláwọ̀ àlùkò tirẹ̀ jáde, ó tàn án sójú àwòrán bí Nedda ṣe ní kó ṣe. Ojú àti ọwọ́ Ánà Mímọ́, ibi tó ti wò tẹ́lẹ̀, dúró ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n ara aṣọ dúdú tí Ánà Mímọ́ fi borí tàn ní àwọ̀ ewé ràkọ̀ràkọ̀ bí omi inú kànga. Nedda ṣàlàyé fún un pé Ọ̀gá Egisto nu fáníìṣì àtijọ́ kúrò lójú àti lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á láti fọwọ́ kan ibi dúdú, nítorí ọ̀dà dúdú tètè máa ń ṣí. Fáníìṣì oje igi tó ti gbó ṣì wà níbẹ̀, lábẹ́ ti Nedda.

"Mo gbà," Quercioli wí nígbẹ̀yìn. "Mo yára. Àwòrán àtijọ́ ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, àti lọ́wọ́ káfíńtà."

Inú Nedda ìbá rọ̀ níbẹ̀. Ó tilẹ̀ ti ń mí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò tíì tán.

"Màdáàmù, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Aṣọ yìí, ìlà yìí, fáníìṣì yìí, ṣé wọ́n lè sọ fún wa bóyá 1640 ni tàbí 1670?"

Nedda mọ èsì, kò sì lè purọ́ nídìí iṣẹ́ rẹ̀. "Rárá. Wọ́n lè sọ pé ó ti lé ní igba ọdún, wọ́n lè sọ pé ó fara jọ ti ayé yẹn. Ogún ọdún síwájú, ogún ọdún sẹ́yìn, wọn kò mọ̀ ọ́n."

"Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀ ọ́n nígbà náà." Ó yí àwòrán náà padà jẹ́jẹ́. Ní igun òkè, lára aṣọ ìtìlẹ́yìn, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́ kedere pé: *A ṣe é ní ọdún 1672*. "Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni. Ohun tó wà lára aṣọ àtijọ́ ni. Bí aṣọ tuntun bá máa bo ìwé tí wọ́n kọ sẹ́yìn àwòrán, a máa ń dà á kọ síta ní ojú ibẹ̀ gan-an. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Ẹlẹ́rìí yín fúnra yín ló wá sọ pé Dianora ti kú. Àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀. Kò lè jókòó sínú sàréè kó máa kun ọ̀dà." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀gàn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dun Nedda.

Nedda ya ẹnu láti bú u. Ó tẹjú mọ́ nọ́ńbà náà kó lè rí ohun tí yóò fi bú u.

Méje inú nọ́ńbà yẹn, ó mọ̀ ọ́n. Méje tó di àmùrè ni, tí wọ́n fa ìlà kékeré gba ìbàdí rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo ọmọ iléèwé ní ilẹ̀ wọn. Kì í sì í ṣe méje ẹlòmíràn. Òun gan-an ló ń kọ ọ́ sára ìwé gáàsì, sára ìwé báńkì, láti kékeré títí di àná.

Ọ̀gá Egisto ní òfin kan. Bí ọmọṣẹ́ bá ń da ìwé ẹ̀yìn àwòrán kọ, kò gbọdọ̀ kà á. Yóò tẹ́ ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lè rí òdì kejì rẹ̀ lé e lórí, yóò máa fi lẹ́ẹ̀dì tẹ̀lé ìlà bó ṣe rí, ìbáà jẹ́ àbàwọ́n, yóò sì gbé àwòkọ náà lọ sára aṣọ tuntun. Ọ̀gá Egisto a máa sọ pé, "Ẹni tó bá kà á á tún un ṣe. Ọwọ́ ni kó o lò, má lo orí." Bí Nedda bá tẹ̀lé ìlà ní ọjọ́ náà, nọ́ńbà yìí kò ní jọ ìkọ̀wé rẹ̀.

Ó rántí ọjọ́ náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, gọ́ọ̀mù ti ń tutù nínú ìkòkò, Ọ̀gá Egisto sì ti fi ìbínú lé e lẹ́ẹ̀mejì pé kó yára. Òun náà ń bínú nítorí pé wọ́n fi ìbínú lé e. Tàdáwà ìkọ̀wé àtijọ́ náà ti ṣá. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó kà á, ó sì kọ ọ́ sórí àjákù ìwé. Ọ̀gá Egisto bi í pé, "Ṣé o tẹ̀lé ìlà ni, àbí o kà á?" Ó ní òun tẹ̀lé ìlà. Ọ̀gá gbà á gbọ́, wọ́n sì da aṣọ bò ó.

Gbogbo ìbínú tó fi ọjọ́ mẹ́rin tọ́jú fún ọkùnrin yìí yí padà, ó dojú kọ òun fúnra rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó mọ̀. Ó lè dákẹ́. Egisto ti kú láti ọdún pípẹ́, Alvaro kò mọ̀ nípa tàdáwà. Ó lè sọ pé bó ṣe rí lòun ṣe kọ ọ́, kí ó padà sílé pẹ̀lú orúkọ rere, kí Ánà Mímọ́ máa bá àga lọ.

"Mi ò tẹ̀lé ìlà," ló wí.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní mo kà á. Èmi ni mo kà á tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Mo sì purọ́ fún ọ̀gá mi." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń bá ènìyàn jà. "Mọ́dà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gé aṣọ mi."

Mọ́dà Tarcisia wò ó. "Ṣé yóò pa á lára?"

"Bí ọwọ́ mi kò bá gbọ̀n, kò ní pa á lára."

"Ṣé ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n?"

Nedda na ọwọ́ rẹ̀ síwájú. Ó ń gbọ̀n. Ó lọ sí fèrèsé, ó dúró níbẹ̀ títí tí wọ́n fi gbé àga mẹ́ta kọjá, ó padà wá, ó sì mú abẹ.

Ó gé ìhà mẹ́ta igun yẹn, aṣọ òde nìkan, ó fi ìhà kẹrin sílẹ̀ bí ìdérí àpò. Gọ́ọ̀mù ìyẹ̀fun tó ti lo ogójì ọdún ó lé méjì a máa gbẹ bí bisikíìtì. Ó fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ wọ abẹ́ aṣọ náà, ó tẹ aṣọ àtijọ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó sì ń ká tuntun padà lé orí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní pẹlẹbẹ, kì í fà á sókè. Ó ń ró fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ọkùnrin oníṣòwò wọlé wá bèèrè bóyá àwọn lè gbé tábìlì, Alvaro sì sọ fún un pé bó bá fọwọ́ kan tábìlì yẹn, òun náà á wọ inú ọkọ̀ bí ẹrù.

Aṣọ àtijọ́ yọ, ó dúdú díẹ̀, ó kún fún èérún gọ́ọ̀mù funfun. Nedda fi òwú tó rin díẹ̀ lé e, ó kà dé igba, ó fi ọ̀bẹ ha gọ́ọ̀mù tó ti rọ̀ kúrò. Ìkọ̀wé yọ. Ó ti ṣá débi pé àwọ̀ tíì ló kù. Ọ̀kan. Mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ìlà tó dúró, ìlà tó dábùú rẹ̀, àti ìlà kúkúrú kan tó ṣẹ́ sí òsì lókè. Lẹ́yìn rẹ̀, méjì.

"Méje ni," Quercioli wí, ó sì dà bí ẹni pé kò dùn mọ́ ọn. "Mo rò pé méje ni, Màdáàmù."

"Tan iná rẹ."

Ó tan iná aláwọ̀ àlùkò. Tàdáwà àtijọ́, èyí tí wọ́n fi irin sè, bó ti wù kó ṣá tó lójú oòrùn, dúdú ló máa ń yọ lábẹ́ iná yẹn. Gbogbo aṣọ náà tàn, ìkọ̀wé náà sì yọ dúdú lára rẹ̀. Ìlà kúkúrú tó ṣẹ́ sí òsì lókè kò kúrú mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dagun títí ó fi kan etí ìlà tó dábùú, ó pàdé rẹ̀, ó sì di onígun mẹ́ta. Kò sí méje tó rí bẹ́ẹ̀.

"Mẹ́rin," Quercioli wí. Ó bẹ̀rẹ̀ títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aṣọ. "1642. Ó ku ọdún mẹ́wàá kó kú. Ó bá lẹ́tà tí tíṣà rí mu." Ó fa ìwé rẹ̀ jáde lápò, ó fa ìlà sí i látòkè délẹ̀. "Màá kọ òmíràn lónìí. Màá fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìlú kí n tó kúrò níbí." Ó kóra ró. "Màá ní láti sọ bí nọ́ńbà ṣe di 1672. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè kọ pé a kò mọ ẹni tó dà á kọ."

"Kọ orúkọ mi," Nedda wí. "Cappugi, pẹ̀lú *p* méjì. Má ṣàánú mi, mo ti bú ọ láti ọjọ́ Ajé."

Alvaro rẹ́rìn-ín. Nedda náà rò pé ó ti tán nìyẹn. Ó yíjú sí Mọ́dà Tarcisia kó lè sọ fún un pé àwòrán kò ní bá àga lọ mọ́, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó náà kò wo àwòrán. Nedda ni ó ń wò.

"Ìwọ lo kọ nọ́ńbà yẹn," Mọ́dà Tarcisia wí.

"Èmi ni, Mọ́dà."

"Ọdún tí mo dé ibí ni wọ́n gbé àwòrán yìí padà láti Firenze. Ìdúpẹ́ fún ẹni tó yà á la fi máa ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ nínú yàrá yìí, láti ayé àwọn ìyá wa: fún arábìnrin wa Dianora. Ẹni tó jẹ́ Mọ́dà nígbà náà ka nọ́ńbà rẹ, ó sì lọ wo ìwé òkú. Ó ní a ti ń purọ́ lójú Ọlọ́run láti ìgbà pípẹ́. Ó ní kí a yọ orúkọ náà." Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Láti ọjọ́ náà, 'fún ẹnìkan tí a kò mọ̀' la ń sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Mo ti sin sísítà mọ́kànlélógún nínú ilé yìí, Nedda. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ orúkọ yẹn rí."

Nedda wá ìbínú rẹ̀ kiri nínú ara, nítorí òun ló mọ̀ lò. Kò rí ẹni tí yóò gbé e kọ́ lọ́rùn.

"Ẹ bínú sí mi, Mọ́dà," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ̀rọ̀ sí mi."

"Kí n bínú?" Mọ́dà Tarcisia di etí tábìlì mú, ó dìde dúró. "Ọ̀la la ń kúrò. Oúnjẹ ọ̀sán àti ti alẹ́ òní nìkan ló kù tí a máa jẹ níbí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo lè pe orúkọ Dianora mọ́."